Yíyọ kókó jáde nínú lẹ́kíṣọ̀ tó kún fún ìyàbàrá

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gba ohùn lẹ́kíṣọ̀ wa lórí Ogun Kírìjì sílẹ̀ níbí l'Adó, mo sì ti tẹ gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé méjìdínlógún! Bí bàbá bá sọ̀rọ̀ ogun díẹ̀, wọ́n á yà sí ọ̀rọ̀ mọ́tò wọn, wọ́n á tún padà. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di àkòrí àti kókó tí mo lè fi múra ìdánwò?"

Àbúrò, má tíì pa ohunkóhun rẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi. Àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ gé dànù gan-an ló máa ń júwe ọ̀nà. Olùkọ́ kì í sábà béèrè pé "ṣé ó yé yín?" àfi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó wúwo, nítorí náà gbólóhùn méjì-mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ni kó o fàlà sí. "Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé ná?" ni òpin ìyàbàrá. Tó o bá rí i, máa kà padà sókè títí wàá fi dé ibi tí bàbá ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, o ti rí orí àti ìdí ìyàbàrá náà nìyẹn. Ẹ̀yìn èyí lo tó lè gé wọn.

Wàá wá fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó o sì kọ iṣẹ́ tó ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó ń sọ ìdí, ó ń fúnni ní àpẹẹrẹ, ó ń tún ti tẹ́lẹ̀ sọ, ó yà. Má kọ "ogun" síbẹ̀, nítorí gbogbo rẹ̀ náà ni ogun.

Ibi tí wàhálà wà ni pé kì í ṣe gbogbo ìyàbàrá ló jẹ́ òfò. Yọ ọ́ kúrò, kó o wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan á wà tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́. Ká ní bàbá sọ pé mọ́tò àwọn kú lọ́nà Ìyìn, yọ ọ́, kò sí ohun tó yẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ bí bàbá àgbà wọn ṣe máa ń fi ẹnu ṣe ìró ìbọn ńlá ogun náà, ibẹ̀ ni orúkọ Kírìjì ti wá. Fi bàbá àgbà sílẹ̀, mú ìró náà ní ìlà kan.

Lẹ́yìn náà, wá "rárá o", "ẹ má bínú" àti "ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé". Olùkọ́ lè sọ níbẹ̀rẹ̀ pé 1893 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, kó wá tún un ṣe lójú ìwé kẹtàlá pé 1886 ni, àti pé 1893 làwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò ní bùdó. Ẹni tó bá ń kó kókó jọ bó ṣe ń kà á lọ á kọ méjèèjì, tàbí kó mú èyí tí kò tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Ìmẹ̀sí" lásán. Òkè-Ìmẹ̀sí ni ìlú Fábùnmi, akọni tó dá ọ̀tẹ̀ sí Ìbàdàn sílẹ̀, l'Ékìtì níbí. Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí, wà ní Ọ̀ṣun lónìí. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa sọ èwo ni.

Ìgbà yìí ni wàá tó kó ìpínrọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan wà lójú ìwé kejì, èkejì lójú ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún. Jẹ́ kí àkòrí jẹ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ nípa ọ̀rọ̀ náà. "Ìbẹ̀rẹ̀ ogun" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kàwé lóru. Wò ó báyìí:

Ìnira àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló bí ọ̀tẹ̀ náà
- Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ìwà wọn sú àwọn ará ìlú.
- Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí (1878).
- Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀; Ògèdèǹgbé di olórí ogun wọn.

Àdéhùn kò dá ogun dúró lójú ẹsẹ̀
- Wọ́n fọwọ́ sí i ní 23 oṣù kẹsàn-án, 1886.
- Àwọn ọmọ ogun ṣì wà ní bùdó títí di 1893.

Tí kókó kan ṣoṣo bá dá wà lábẹ́ àkòrí, abẹ́ àkòrí mìíràn ló yẹ kó wà. Tó bá sì ti kọjá bíi mẹ́fà, pín in sí méjì. Ojú ìwé méjìdínlógún rẹ kò yẹ kó ju méjì lọ, torí lẹ́kíṣọ̀ tó kún fún ìyàbàrá bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní àkòrí púpọ̀ nínú.

Ibi tí ohùn bá ti sọnù, kọ ìṣẹ́jú tó wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó o padà lọ gbọ́ ọ. Tí kò bá tún yé ọ, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó níwájú lọ́jọ́ náà, pàápàá tó bá jẹ́ orúkọ ìlú tàbí ọdún.