Owó fúláwà àti àwìn nínú ìṣirò ilé búrẹ́dì ọlọ́dún mẹ́ta

"Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo fẹ́ dá ilé búrẹ́dì sí, ọdún mẹ́ta ni mo sì gba ilé. Owó fúláwà àti àwìn tí àwọn ìyá oníbúrẹ́dì máa gbà, ṣé kí n kà á mọ́ ìnáwó? Ó ṣáà máa padà wá."

Ẹ kà á, ẹ sì ka ìpadàbọ̀ rẹ̀ náà, kí kálukú wà ní ọdún tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fúláwà, ṣúgà àti náílọ́nù tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ jẹ́ 900,000 náírà, tí àwìn tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà l'Ọ́jà Ọba sì jẹ́ 1,500,000. Bí ẹni tó ń kó fúláwà wá bá ń fún yín láwìn 400,000, ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 2,000,000, òun ni owó tó ń yí. Owó yìí ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ kí búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó dọ́jà, nítorí náà òní ni ẹ máa kọ ọ́ sí, pẹ̀lú owó ààrò àti míkísà.

Ká ní ọjà ròkè, tí owó tó ń yí fún ọdún kejì di 2,400,000. Àfikún 400,000 nìkan lẹ máa kọ, ní ìparí ọdún kìíní. Ẹni tó bá kọ 2,400,000 lódindi ti ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá di 2,600,000 fún ọdún kẹta, 200,000 ni tìparí ọdún kejì. (Kò dìgbà tí búrẹ́dì bá pọ̀ sí i o, bí fúláwà bá ti gbówó lórí, owó tó ń yí ti wú nìyẹn.) Ní ìparí ọdún kẹta, 2,600,000 padà sápò. Ẹ má dín in kù lọ́dọọdún bíi ti ẹ̀rọ, torí kì í gbó.

Bí ẹ bá fi èlé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún dá gbogbo rẹ̀ padà sí owó òní nínú Excel:

```
=-2000000+NPV(20%,-400000,-200000,2600000)
```

2,000,000 wà níta àkámọ́ torí pé ìparí ọdún kìíní ni NPV ń ka nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ rí nínú àkámọ́ sí. Ohun tó máa jáde ni -967,593. Gbogbo kọ́bọ̀ padà, síbẹ̀ iṣẹ́ náà jẹ owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan. Bí ìṣirò ààrò àti títà búrẹ́dì nìkan bá fi èrè 700,000 hàn, àdánù ló dà yẹn.

2,600,000 yẹn gan-an kì í sábà pé. Náílọ́nù tí wọ́n tẹ orúkọ yín sí, ta ló máa rà á? Àwọn oníbúrẹ́dì náà, ìrètí àtikó búrẹ́dì ọ̀la ló ń mú wọn san ti àná. Bí ẹ bá ti pa ààrò, ẹsẹ̀ wọn á falẹ̀. Bí 350,000 bá há síbẹ̀, ẹ fi 2250000 sípò 2600000: ó di -1,170,139. Láti bí oṣù méjì kí ọdún mẹ́ta ilé tó pé ni kẹ́ ẹ ti máa dín àwìn kù, kẹ́ ẹ má sì tẹ náílọ́nù tuntun mọ́.