Ooru Kọ́ Ló Ń Mú Oorun Wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Òkè-Àró l'Ákùrẹ́ níbí ni mò ń gbé. Wọ́n ní kí n máa fi omi gbígbóná wẹ̀ kí n tó sùn. Mò ń ṣe é, omi tó gbóná dáadáa ni, bí mo bá sì ti jáde nínú balùwẹ̀ báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì ni. Kàkà kó sàn, ṣe ni mò ń yí sọ́tùn-ún yí sósì títí di aago méjì òru. Ṣé kí n fi kún gbígbóná omi náà ni, àbí kí n lọ ra oògùn oorun?

Ìdáhùn: Ẹ má fi kún un o, ẹ má sì ra oògùn kankan. Ọ̀pọ̀ ló ti bi mí ní irú èyí, ibì kan náà sì ni gbogbo yín ti ń ṣì í: ẹ rò pé ooru ló ń gbé oorun wá. Rárá o, ìtutù tó ń tẹ̀lé ooru náà ni.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, inú ara ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ẹni tí ooru ara rẹ̀ jẹ́ 37 lọ́sàn-án lè fi nǹkan bí ìwọ̀n kan dín kù kó tó di ìdájí. Ìgbà tó bá ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni oorun máa ń wọlé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ooru náà sì ń gbà jáde jù. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ fọwọ́ kan ọmọ ọwọ́ tí oorun ń kùn: àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe ibà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn lọ síbẹ̀ kí ooru inú lè rí ọ̀nà jáde. Ohun tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ṣe fún àgbàlagbà náà nìyẹn, ó ń la àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà lábẹ́ awọ. Ṣùgbọ́n ó ń gba wákàtí kan sí méjì kí ara tó tutù tán. Ẹni tó fi omi tó ń jóni wẹ̀, tó kọrí sí bẹ́ẹ̀dì lójú ẹsẹ̀, ooru ṣì há sí i nínú, ó ń làágùn, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Oorun wo ló fẹ́ wá?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba wá bá wa nígbà ooru. Aago mọ́kànlá ló ń wẹ̀, á ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn, á wá tan iná funfun ka owó ọjà lórí bẹ́ẹ̀dì. A ní bó bá jẹ́ aago mẹ́wàá lẹ fẹ́ sùn, ẹ wẹ̀ ní mẹ́jọ ààbọ̀. Nínú garawa lítà 20, ẹ kọ́kọ́ bu omi tútù lítà 16, kí ẹ tó da lítà 4 omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ooru omi náà ṣe máa wà láàárín ìwọ̀n 40 sí 42. Ẹ ki ìgúnpá bọ̀ ọ́: kó tù yín lára, kó má mú yín fa ọwọ́ yọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, ẹ máa rọra bù ú sára. Bí omi ò bá tó, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

Owó ọjà, ó ń kà á kó tó wẹ̀. Bó bá ti wẹ̀ tán, kò tan iná funfun mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ń sọ fún ọpọlọ pé ọ̀sán ṣì ni, kò sì ní tètè tú mẹlatóníìnì sílẹ̀, èyí tó fi ń kéde alẹ́ fún ara. Gílóòbù kékeré aláwọ̀ òféèfèé ló ń lò. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, á kọjú tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Fóònù wà ní pálọ̀. Á ká aṣọ, tàbí kó ṣa ẹ̀wà ọ̀la. Àwọ̀n ẹ̀fọn la fi rọ́pò fèrèsé títì, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ní òun kì í mọ ìgbà tí òun ń sùn lọ mọ́. Mi ò ní kó yá gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀ o. Bó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, ẹ dìde, ẹ jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀, títí oorun yóò fi kùn yín padà.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, kó má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn omi, kí ẹlòmíràn bá a wò ó. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó jókòó wẹ̀, kó sì rọra dìde, òòyì lè kọ́ ọ. Aboyún, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó sì ti ń lo oògùn oorun tipẹ́, kó má dá a dúró lójijì, ó lè fa gìrì. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bí àìrí oorun sùn bá ti tó òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ wá sílé ìwòsàn. Bí ẹni tí ẹ jọ ń sùn bá sì sọ pé ẹ ń hanrun, tí èémí yín ń dá lójú oorun, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. Omi wíwẹ̀ ò lè wo ìyẹn.