Alumíníọ̀mù tí a rì bọ omi tí kò le

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìtòsí Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Mo fi iná gáàsì yan pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù 6061 tó nípọn mílímítà 6, mo tẹ̀ ẹ́ kó lè di mọ́tò ẹ̀rọ tó ń fọ́ kajú mú, mo wá rì í bọ omi kó lè le bí àdá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi wọ́. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Omi tó ń mú àdá le kì í mú alumíníọ̀mù le. Rírọ̀ ló máa ń rọ̀ nígbà tó bá jáde nínú omi; ẹ̀yìn ìgbà náà ni líle ń bọ̀. Ẹ ò nìkan ṣi èyí o: Alfred Wilm, ará Jámánì, náà rò pé omi á mú un le bí irin. Ní 1906, ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tó rì í bọ omi ló tó rí i pé ó ti ń le fúnra rẹ̀.

Mágínísíọ̀mù àti sílíkọ́nì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú 6061. Bí a bá pín in sọ́nà 100, mágínísíọ̀mù tó bí ọ̀nà kan, sílíkọ́nì kò sì tó bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá dé 530 °C, àwọn méjèèjì á tú ká sínú alumíníọ̀mù bí iyọ̀ ṣe ń tú sínú omi ọbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹlẹbẹ náà ṣì gan. Omi tútù kò ní jẹ́ kí wọ́n ráyè kóra jọ. Tí ẹ bá wá fi ooru kékeré kàn án fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á kóra jọ díẹ̀díẹ̀ di horo tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n sì pọ̀ yanturu. Àwọn horo yìí ni kì í jẹ́ kí inú alumíníọ̀mù yọ̀ lórí ara rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Iná gáàsì yín kò dé 530 °C déédéé níbi gbogbo. Ó sọ horo tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ńláńlá, wọn ò sì pọ̀ mọ́. Àlàfo àárín wọn ti di ọ̀nà tí ìyọ̀ náà ń gbà kọjá.

Ẹ máa wá ìleru oníná mànàmáná tó ní ìwọn-ooru. Ẹ má fojú wọn ooru o, alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́. Ẹ fi pẹlẹbẹ náà sí 530 °C, kí ẹ sì kà wákàtí kan láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá sún mọ́ 580 °C, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, ara rẹ̀ á lé ròrò, á sì máa ṣẹ́. Èyí kò ní àtúnṣe. Ẹ sọ ọ́ nù.

Ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ ìleru gan-an, torí láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ tí gbogbo rẹ̀ á fi rì. Ooru máa ń tètè sá, pàápàá láàárín 400 sí 290 °C, ibẹ̀ ni horo ńlá ti ń ráyè dìde. Lítà 20 omi tútù tó fún ohun tó wọn ìdajì kílò: omi náà á gbóná sí i ní bíi 3 °C péré. Ẹ máa mì ín nínú omi kí èéfín omi má bàa bò ó lára.

Nígbà tó bá jáde nínú omi yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, láàárín wákàtí kan. Rírọ̀ tó bà yín nínú jẹ́ nì, òun gan-an ni àkókò iṣẹ́ yín, nítorí bó bá ti le tán, fífọ́ ló máa fọ́ níbi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú ófúnù ní 175 °C fún wákàtí 8. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní T6. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín rẹ̀, ẹ má fòyà: nígbà tí iná bá dé, ẹ máa ka wákàtí tó kù lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú 530 °C ni iná ti lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì lo 230 °C kó lè yára: á yára lóòótọ́, àmọ́ horo á tóbi ju bó ṣe yẹ, pẹlẹbẹ á sì tún rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo alumíníọ̀mù ni èyí wà fún. 5052 kò ní le lọ́nà yìí láé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwo alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Láti dán an wò, ẹ wá ègé 6061 T6 tí iná kò tíì kàn rí. Ẹ fi bọ́ọ̀lù irin inú bíárìn sáàárín òun àti iṣẹ́ yín, kí ẹ fi fáìsì fún wọn pọ̀. Agbára kan náà ló tẹ méjèèjì, èyí tí ojú ihò rẹ̀ bá fẹ̀ jù ni ó rọ̀ jù. Bí ihò méjèèjì bá dọ́gba, ẹ dì í mọ́ mọ́tò.