O ń bọ̀, àbí?

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún. Tí mo bá fẹ́ kí ẹnìkan fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún mi pé òun ń bọ̀, mo máa ń sọ pé, "O ń bọ̀, ṣé o ò ń bọ̀?" Àwọn ìbátan mi á bú sẹ́rìn-ín. Báwo ni kí n ṣe máa sọ ọ́?

Ìdáhùn: Gẹ̀ẹ́sì lo fi ń ronú níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti sọ gbólóhùn kan tán ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á tún ké e kúrú lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì yí i sódì. Yorùbá kì í da ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀. Sọ ọ̀rọ̀ rẹ tán bí ẹni tí kò bèèrè nǹkan kan, sinmi díẹ̀, kí o wá fi "àbí?" sí i nídìí: "O ń bọ̀, àbí?" "Wọ́n ti jẹun, àbí?" "Òjò ò tíì dá, àbí?" Ẹni yòówù tí ọ̀rọ̀ kàn, ìgbà yòówù tó jẹ́, àbí ò yí padà. Àwọn tó ń sọ Pijin náà ti gbà á lọ́wọ́ wa, wọn ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Má gbé ohùn sókè ní ìparí gbólóhùn kó tó kan àbí. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "bọ̀". Tí o bá fà á sókè nítorí pé o ń bèèrè, "bọ́" lo sọ yẹn, bí ẹni ń bọ́ adìẹ. Jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró síbi tó wà. Àbí fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè.

Ibi tí mo ti máa ń dá ọmọ ilé mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ òkè òkun ni èyí: kí ni gan-an ni kò dá ọ lójú? Ká ní ẹ fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, o wá pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lórí fóònù. Tó bá jẹ́ wíwá wọn ni ò dá ọ lójú, "Ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àbí?" ti tó. Ṣùgbọ́n tí o ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, tó jẹ́ ọjọ́ ló rú ọ lójú, ọjọ́ yẹn ni kí o gbé síwájú: "Ọjọ́ Sátidé lẹ ń bọ̀, àbí?" Tó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń mú bọ̀ ni: "Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ ń bọ̀, àbí?" Irú gbólóhùn tó ní "ni" tàbí "l" nínú báyìí nìkan ló fara jọ ohun tí ò ń wá, torí ó lè gba ìdàkejì rẹ̀ pẹ̀lú "kọ́": "Ọjọ́ Sátidé lẹ ń bọ̀, àbí ọjọ́ Sátidé kọ́?" Lò ó tí o bá fẹ́ kí wọ́n là á fún ọ. Tí o bá ń lò ó nígbà gbogbo, á dà bíi pé ò ń ṣe lọ́yà.

Wàá tún gbọ́ "ṣebí", tó máa ń ṣíwájú: "Ṣebí o ń bọ̀?" Ẹni tó ń sọ èyí ti ní ìdí láti gbàgbọ́ pé ò ń bọ̀, ó fẹ́ kí o gbà bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún ìjà: "Ṣebí mo sọ fún ẹ!" Máa ṣọ́ ọ lọ́dọ̀ àgbà. Tí o bá sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pé, "Ṣebí ẹ ní ẹ máa wá," ẹ̀sùn lo fi kàn wọ́n. "Ṣé ẹ ń bọ̀, sà?" ló tutù jù.

Tí o bá ń rán ẹnìkan níṣẹ́, àbí ò bá a mu rárá. "Tètè dé, àbí?" kò nítumọ̀. "Tètè dé o, ṣé o gbọ́?" là ń sọ.

Ìdáhùn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé, "Túndé ò wá, àbí?", tí kò sì wá lóòótọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni, kò wá" ni ìdáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ lo fara mọ́. Tó bá wá, sọ pé, "Rárá, ó wá." Má fi "rárá" nìkan dá wọn lóhùn, nítorí ẹni tó mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù lo dàgbà sí lè máà mọ èyí tí ò ń sọ. Fi "ó wá" tàbí "kò wá" tì í lẹ́yìn.