Ẹ̀kúnwọ́ kan, odindi àpò

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni onírẹsì ṣe ń jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, tó sì ń mọ bí gbogbo àpò ṣe rí?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta ọ̀fadà ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Á ju díẹ̀ sẹ́nu, á fi eyín gé e: èyí tó gbẹ á dún kà, èyí tó tutù á kàn rọ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ó bu ẹ̀kúnwọ́ lórí àpò, ó dún kà, ó sanwó. Ìgbà tó tà á dé ìdajì ló rí i pé ìsàlẹ̀ ti bu. Orí ilẹ̀ tútù ni wọ́n gbé àpò náà sí. Eyín rẹ̀ kò parọ́ o, òkè àpò nìkan ló bi léèrè.

Látìgbà náà, á ní kí wọ́n da ìrẹsì sórí ẹní, kí wọ́n pò ó dáadáa, kó tó bu. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, á bu díẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, á pò wọ́n. Bó bá ti pò mọ́ra, àpò ńlá kò béèrè ju ẹ̀kúnwọ́ tí àpò kékeré béèrè lọ.

Òkúta nìkan ni ẹnu kì í tètè mú. Mẹ́wàá lè wà nínú àpò, kí ẹ̀kúnwọ́ má bá ẹyọ kan. Fún ìyẹn, odindi kóńgò ló máa ń fẹ́ lórí atẹ.