Lẹ́tà sí olóòtú nígbà tí ètò iṣẹ́ bá ti yí padà

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olóòtú jọ́nà kan ní kí n tún iṣẹ́ mi tò kí n tó dá a padà. Mo ti tò ó, apá tó wà lẹ́yìn ti bọ́ síwájú. Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà tó máa bá a lọ, tí wọn ò fi ní rò pé iṣẹ́ mìíràn ni mo fi ránṣẹ́?"

Àkíyèsí àwọn aṣàyẹ̀wò ṣì wà lọ́wọ́ olóòtú, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni "ojú ìwé 9, ìlà 14". Ojú ìwé 9 ọjọ́sí ti lọ síbòmíràn. Èmi náà ti yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò rí. Lẹ́tà wọn kò ju "a ti ṣe gbogbo àtúnṣe" lọ, ni mo bá ka gbogbo iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀ kí n tó bá èsì àkíyèsí mi pàdé lábẹ́ àkòrí tí mi ò retí. Ẹni tó bá ń kánjú á kàn kọ ọ́ pé wọn ò dá òun lóhùn.

Iṣẹ́ tèmi dá lórí àwọn obìnrin amọ̀kòkò ní Dada, ní Ìlọrin níhìn-ín. Tẹ́lẹ̀, títà ló wà ní apá 4, mímọ àti sísun wá wà ní apá 5. Olóòtú ní iye owó kò lè yé òǹkàwé tí kò tíì mọ bí ìkòkò ṣe ń fọ́ nínú iná. Òótọ́ ni. Ohun tí mo kọ sí i nìyí, ẹ yí i sí èdè tí jọ́nà yín ń lò:

"A dá iṣẹ́ wa padà gẹ́gẹ́ bí ẹ ti béèrè. Mímọ àti sísun, apá 5 tẹ́lẹ̀, ti di apá 3, kí òǹkàwé lè mọ ìdí tí ìkòkò fi ń fọ́ kó tó dé orí iye owó. Títà ṣì jẹ́ apá 4. Ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn ìṣáájú, apá 2 tẹ́lẹ̀, ti wọ inú apá 1, nítorí náà ọ̀nà ìwádìí, apá 3 tẹ́lẹ̀, ti di apá 2. Àwọn àwòrán ti gba nọ́ńbà tuntun. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn amọ̀kòkò, iye tí a kọ sílẹ̀ àti ibi tí a parí ọ̀rọ̀ sí kò yí padà. Ìpínrọ̀ méjì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ apá 4 nìkan la ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ."

Gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn yẹn ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún jù. Bí nǹkan bá ti kúrò ní ipò rẹ̀, ẹ̀rù olóòtú ni pé ẹ ti rọra yí èsì padà pẹ̀lú. Bí ó bá sì yí padà lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti sọ ọ́. Àmọ́ kí ẹ tó kọ pé kò yí padà, ẹ wá gbogbo "gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lókè" inú iṣẹ́ náà, torí òmíràn á ti di ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìgékúrú pẹ̀lú: ibi tí ẹ ti túmọ̀ rẹ̀ lè ti wá wà lẹ́yìn ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ lò ó.

Ẹ̀dà tó ń fi àtúnṣe hàn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ẹ bá tan Track Changes kí ẹ tó gbé apá kan kúrò, tí ẹ tún wá ń tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe, gbogbo apá náà lè hàn bí ohun tí ẹ pa rẹ́ tí ẹ sì tún kọ. Ìpínrọ̀ méjì tó jẹ́ tuntun á sọnù sáàárín. Ẹ pa Track Changes ná, kí ẹ to àwọn apá bó ṣe yẹ láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan, kí ẹ tọ́jú fáìlì yẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ tan án, kí ẹ wá máa tún ọ̀rọ̀ ṣe. Kí ẹ sì fi gbólóhùn kan sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé lẹ́yìn títò ni àmì àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lo `latexdiff` náà, bákan náà ni kí wọ́n ṣe é: fáìlì tí wọ́n ti tò ni kí wọ́n fi wé ti ìkẹyìn.

Kí lẹ́tà má kọjá ojú ewé kan. Èsì àkíyèsí kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ibi méjèèjì sí: "ojú ìwé 9, ìlà 14 tẹ́lẹ̀, apá 3, ìlà 212 báyìí". Ẹ sọ ẹ̀dà tí nọ́ńbà ìlà náà ti wá, torí ti ẹ̀dà mímọ́ àti ti ẹ̀dà alámì kì í sábà bára mu. Jọ́nà míì sì máa ń fi fáìlì yín ṣe PDF tirẹ̀ bí ẹ bá ti gbé e síbẹ̀, tí ojú ìwé á tún sún. PDF yẹn ni kí ẹ fi yẹ nọ́ńbà yín wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé wọn ò gba ti àkọ́kọ́ ni, tí wọ́n wá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ bí iṣẹ́ tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà tí jọ́nà fún iṣẹ́ àtijọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà náà, kí olóòtú lè tètè mọ iṣẹ́ tó jẹ́.