Ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́, àyípadà tó tóbi jù

"Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ní kí n yẹ àyípadà kóòdù wọn tó jẹ́ 2,300 ìlà wò. Báwo ni mo ṣe máa ní kí wọ́n pín in láì rí wọn fín?"

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ìṣirò owó orí tuntun, ó yé mi. Àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí i báyìí, torí àwọn orúkọ tí ẹ pààrọ̀ nínú fáìlì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ti orúkọ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ìṣirò tẹ̀ lé e. Màá yẹ ti orúkọ wò lónìí."

Ẹ má yọ gbólóhùn ìparí yẹn. Ìdádúró ló ń bí wọn nínú, kì í ṣe pínpín.

Èyí dára tí apá kọ̀ọ̀kan bá lè yege ìdánwò fúnra rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó wà gẹ́gẹ́ bí àyípadà kan, àmọ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú kọ́míìtì tó wà níbẹ̀ ká, kí wọ́n wá fi `git add -p` tò ó sí kọ́míìtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.